Ta ni “ẹ” tọ́ sí, ta ni “Ọ̀jọ̀gbọ́n” tọ́ sí? Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ Faransé lórí ìtàgé Yorùbá

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Tíṣà Faransé ni mí ní Ìkọ̀lé-Èkìtì. Mo ń túmọ̀ eré oníṣe kúkurú kan láti èdè Faransé sí Yorùbá fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Inú ilé ẹjọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Gbogbo ‘vous’ ni mo sọ di ‘ẹ’, gbogbo ‘tu’ ni mo sọ di ‘o’. Mo kọ ‘Ọ̀gá’ fún ‘Maître’, ‘Ààrẹ’ fún ‘Monsieur le Président’ àti ‘Ọ̀jọ̀gbọ́n’ fún ‘professeur’. Nígbà tí àwọn ọmọ kà á sókè, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín níbi tí kò yẹ kí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Níbo ni mo ti ṣì í?”

Tíṣà wa, bí mo bá ní kí n fojú bù ú, ẹ̀rín àkọ́kọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀ níbi tí adájọ́ tó ti hewú ti ń sọ fún ọmọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlógún pé “Ẹ dìde”, èkejì yóò sì ti bú jáde níbi tí ọmọkùnrin kan náà ti kọjú sí ìyá rẹ̀ tó wí pé “O mọ̀ pé n kò jalè.” Kò sí ọmọ Ìkọ̀lé tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Ohun tó tàn yín jẹ ni pé èdè méjèèjì jọ ní àṣà fífi arọ́pò-orúkọ ọlọ́pọ̀ bá ẹnì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. “Vous” wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì wà fún ẹnì kan tí a ń ṣe pẹ̀lẹ́ sí. “Ẹ” náà rí bẹ́ẹ̀. Ojú ni wọ́n fi jọra, ṣùgbọ́n ohun tí Faransé ń wò kí ó tó yan ọ̀kan yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí àwa ń wò.

Faransé ń wo bí ènìyàn méjì ṣe mọra tó. Àgbàlagbà tí kò mọ ẹnìkejì rẹ̀ rí yóò pè é ní “vous”, ìbáà jẹ́ pé ogún ọdún ló fi ju onítọ̀hún lọ. Obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún tó wọ ṣọ́ọ̀bù yóò sọ “vous” sí ọmọge tó ń ta búrẹ́dì fún un, kò sì sí ẹni tí yóò rò pé ó ń tẹrí ba. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ń pe bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti ìyá-ìyá rẹ̀ ní “tu” nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lónìí, nítorí pé kò sí ẹni tó tún sún mọ́ ọn jù wọ́n lọ. Àwọn ìdílé kan ṣì wà, àwọn ọlọ́lá àtijọ́ ní pàtàkì, tí ọmọ ti ń sọ “vous” sí òbí. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, òǹkọ̀wé ń sọ irú ilé tí ilé náà jẹ́ fún yín ni. Àwa kò béèrè bóyá a mọ ènìyàn kí a tó pè é ní “ẹ”. Ọjọ́ orí, ipò àti àna ni à ń wò, débi pé nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ìyàwó a máa sọ “ẹ” sí àbúrò ọkọ rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ jù lọ, nítorí pé onítọ̀hún ti wà nínú ilé kí òun tó wọlé. Inú àdúrà nìkan ni mo ti rí i tí èdè méjèèjì pàdé láìjà: Bíbélì Yorùbá pe Ọlọ́run ní “Ìwọ”, àwọn Kátólíìkì tó ń sọ Faransé náà sì ti ń pè é ní “tu” nínú àdúrà Bàbá Wa láti 1966, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “vous” ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó túmọ̀ gbólóhùn kan mọ́, ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú eré náà yí i ká, kí ẹ sì kọ ọjọ́ orí, iṣẹ́ àti ìbátan olúkúlùkù sí abẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìwé Faransé kì í sábà sọ ọjọ́ orí fún wa, nítorí pé “vous” kò nílò rẹ̀. Ẹ óò wá a nínú nǹkan mìíràn: ọdún tí ẹni náà ti lò lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ rẹ̀ tó ti gbéyàwó, irun orí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i rárá, ẹ̀yin ni kí ẹ pinnu rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó má bàa yí padà ní ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà láàárín àwọn tó bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì, kí ẹ kọ “ẹ” tàbí “o” sí ìhà méjèèjì ìlà kọ̀ọ̀kan láìwo ohun tí Faransé lò. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ tó padà sínú ìwé Faransé, kí ẹ wá ibi tí ẹnì kan ti yí láti “vous” sí “tu”, tàbí láti “tu” sí “vous”, kí ẹ fi ínkì pupa sàmì sí i. Ibi tí ínkì pupa bá wà ni iṣẹ́ ògbufọ̀ gan-an wà. Ìyókù kò le.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn gbólóhùn tí mo fọwọ́ ara mi kọ ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tí ẹ lè bá nínú eré ilé ẹjọ́ èyíkéyìí. Ká ní adájọ́ jẹ́ ẹni ọgọ́ta ọdún, olùjẹ́jọ́ jẹ́ mọ́kàndínlógún, lọ́yà rẹ̀ jẹ́ obìnrin ẹni ọdún márùndínlógójì, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tó wá wòran. Adájọ́ wí pé: “Levez-vous. Vous avez dix-neuf ans ?” “Vous” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọlá, ilé ẹjọ́ ń fi hàn pé ẹni tó tó ẹni ni ọmọ náà, kì í ṣe ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ adájọ́. Èmi yóò kọ ọ́ báyìí: “Jọ̀wọ́, dìde. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni ọ́, àbí?” Ìwà pẹ̀lẹ́ tí “vous” gbé ti bọ́ sínú “jọ̀wọ́”, mo sì tún lè jẹ́ kí adájọ́ pe ọmọ náà ní orúkọ rẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Bí ọmọ náà bá dáhùn pé “Oui, Monsieur le Président”, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà” ti tó o, ó sì ti pé. Lọ́yà ń sọ “vous” sí ọmọ náà nínú àtìmọ́lé, “o” ni yóò di lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ náà ń sọ “tu” sí ìyá rẹ̀: “Maman, tu sais que je n’ai pas volé”, “Màámi, ẹ mọ̀ pé n kò jalè” ni Yorùbá rẹ̀. Ní ti adájọ́ sí lọ́yà, ọjọ́ orí yóò gbà á láyè láti sọ “o”, ṣùgbọ́n nítorí ipò obìnrin náà àti ojú èrò tó wà níbẹ̀, “ẹ” ni mo máa ń yàn.

Àwọn kan nínú wa tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò gbà pẹ̀lú mi. Wọ́n ní kí adájọ́ máa sọ “ẹ” sí gbogbo ènìyàn, nítorí pé báyìí ni ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Faransé rí, àti pé bí ó bá ya òǹwòran lẹ́nu, kí ó yà á lẹ́nu. Ibi kan wà tí mo ti gbà fún wọn. Bí ọmọ náà bá sọ nínú eré pé láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, adájọ́ yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó pe òun ní “vous”, a jẹ́ pé orí “vous” yẹn gan-an ni ìran náà dúró lé, “ẹ” sì gbọ́dọ̀ dúró bó ti wù kó ṣàjèjì létí wa tó. Bí kò bá sí irú ìdí bẹ́ẹ̀, adájọ́ arúgbó tó ń pe ọmọdé ní “ẹ” yóò dà bí ẹni tó ń fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ìyẹn ni àwọn ọmọ kíláàsì yín sì gbọ́.

Ibi tó le jù ni ibi tí “tu” ti jẹ́ ìwọ̀sí. Láti oṣù kìn-ín-ní 2014, ìlànà ìwà tó de àwọn ọlọ́pàá ilẹ̀ Faransé ti là á sílẹ̀ pé “vous” ni kí wọ́n máa fi bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá inú eré bá wí fún ọmọkùnrin náà pé “Tu viens avec nous”, òǹwòran Faransé ti gbọ́ pé wọ́n ti ń rú òfin, wọ́n sì ti ń fojú tín-ín-rín ènìyàn. Bí ẹ bá kọ “O ń bá wa lọ”, òǹwòran Èkìtì kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí ọlọ́pàá ẹni ogójì ọdún kò ní pe ọmọ ogún ọdún ní “ẹ” tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé ìwọ̀sí náà kúrò lára arọ́pò-orúkọ, kí ẹ gbé e sí ibi tí Yorùbá ń gbé tirẹ̀ sí: kí ọlọ́pàá má pe orúkọ ọmọ náà, kí ó ní “Ìwọ yìí, ó yá, bọ́ sínú mọ́tò.” “Yìí” lẹ́gbẹ̀ẹ́ “ìwọ” ti ṣe iṣẹ́ náà. Àmọ́ bí ọlọ́pàá ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá sọ “tu” sí bàbá arúgbó, “o” nìkan ti tó, kódà ó lè ju ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn lọ. Ní Faransé, àìmọ̀wàáhù ni. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo gbọ̀ngàn ni yóò pariwo. Ẹ wo bóyá ariwo yẹn ni eré náà ń fẹ́.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè, tó sì ṣeé ṣe kí ó ti bà yín lẹ́sẹ̀ jẹ́ láìmọ̀. Faransé kò ní ọ̀wọ̀ nínú “il” àti “elle”, nítorí náà ìwé tí ẹ ń túmọ̀ kò ní ta yín lólobó níbi tí ọmọ bá ti ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, tàbí níbi tí lọ́yà ti ń sọ ti adájọ́. “Elle est malade” lẹ́nu ọmọ yẹn ni “Ara wọn kò yá.” Bí ó bá ní “Ara rẹ̀ kò yá”, ó ti rí ìyá rẹ̀ fín níwájú gbogbo ènìyàn. Ìṣòro tó ń tẹ̀ lé e ni pé “wọ́n” tún jẹ́ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. “Ils l’ont vue” yóò di “Wọ́n rí wọn”, kò sì sí ẹni tí yóò mọ ẹni tó rí ẹni. Ẹ má gbára lé arọ́pò-orúkọ, ẹ dárúkọ wọn, kí ó jẹ́ “Àwọn ọlọ́pàá rí màámi.” Ní ti ìtọ́ni orí ìtàgé, èyí tó ń sọ pé ẹni báyìí wọlé tàbí jókòó, “ó” ni mo máa ń lò fún gbogbo wọn láti orí adájọ́ dé orí ọmọdé, nítorí ohùn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ tàbí àbúrò ẹnikẹ́ni nínú eré.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí orí àwọn oyè. “Maître” túmọ̀ sí ọ̀gá lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí olùjẹ́jọ́ bá kígbe pé “Ọ̀gá, ẹ gbà mí”, òǹwòran yóò rò pé ọmọ iṣẹ́ obìnrin náà ni. Lójú òfin Faransé, àti lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Bẹ̀nẹ̀, “Maître” ni wọ́n ń pe agbẹjọ́rò, ọkùnrin àti obìnrin bákan náà, “Me” sì ni wọ́n ń gé e sí nínú ìwé. Ẹ kọ “agbẹjọ́rò” nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń pè é, “Lọ́yà” ni kí wọ́n wí, nítorí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní Adó tàbí ní Ìkẹ́rẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kí ó máa ké “Agbẹjọ́rò o!” Ẹ ṣọ́ra, nítorí “Maître” náà ni wọ́n ń pe “notaire”, ẹni tó ń ṣe ìwé títa ilé àti ilẹ̀, ìwé ìhágún àti àdéhùn ohun ìní láàárín ọkọ àti aya, tó sì ń tọ́jú wọn. Kì í gbẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò, kì í sì í ṣe noterí tiwa tó ń lu òǹtẹ̀ sí ìwé ìbúra. Èmi a máa ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó bá jáde, lẹ́yìn ìyẹn “sà” tàbí “mà” ti tó láti fi pè é. Lẹ́nu ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ẹ̀wẹ̀, “le maître” kò ju tíṣà lọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ibi tó ti ń sọ ọ́ ni yóò fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì.

“Ààrẹ” tí ẹ kọ fún “Monsieur le Président” ti gbé olórí ìlú wọ kóòtù. Adájọ́ tó jẹ́ alága ìjókòó ẹjọ́ ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀. Ní ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní “cour d’assises”, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn tó wúwo, òun àti adájọ́ méjì ló ń jókòó pẹ̀lú àwọn ará ìlú tí wọ́n ṣà jọ láti dájọ́, mẹ́fà ní ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́ láti 2012. “Alága” sún mọ́ ìtumọ̀ náà, ṣùgbọ́n alága káńsù tàbí alága ẹgbẹ́ òṣèlú ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn ará Èkìtì. “Adájọ́ àgbà” ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. “Olúwa mi” ni àwọn lọ́yà tiwa ń wí, gbogbo ènìyàn yóò sì mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ó gbé wíìgì àti kóòtù àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọ inú eré náà, bẹ́ẹ̀ Faransé kì í pe adájọ́ rẹ̀ ní olúwa; “Monseigneur” tí ó fara jọ ọ́, bíṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń lò ó fún. “Onídàájọ́” ni mo fara mọ́: “Onídàájọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀.” Kò yan akọ yan abo, nítorí náà yóò gba “Madame la Présidente” náà. Bí ẹ bá tìtorí àwọn ọmọ yan “Olúwa mi”, n kò ní bá yín jà. Èyí tí mo máa bá yín jà sí ni “Ọ̀gbẹ́ni Adájọ́” tàbí “Ọ̀gbẹ́ni Mínísítà”: “Monsieur le” tó ṣáájú oyè kò ní ohun tó ń ṣe ní Yorùbá, “ẹ” tó tẹ̀ lé oyè náà ti gbé ọ̀wọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ “professeur” ló jẹ́ kí èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé Èkìtì ni a wà. Níhìn-ín tí ìdílé ti ń ka iye ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti ara wọn jáde, ẹ kò lè fi oyè náà fún olùkọ́ ìṣirò ilé ìwé girama láìjẹ́ pé ẹnì kan yóò béèrè yunifásítì tó ti gbà á. Ní ilẹ̀ Faransé, gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé girama ni “professeur”, àwọn ọmọ kì í sì í fi pè é. “Monsieur” tàbí “Madame” ni wọ́n ń pè é. “Tíṣà” ni kí ẹ kọ, bí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ ń dá a lóhùn, “sà” tàbí “mà”. Ẹ fi “Ọ̀jọ̀gbọ́n” pamọ́ fún ti yunifásítì, àti fún dókítà àgbà ilé ìwòsàn ńlá tó tún ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, nítorí ẹni yẹn ni àwọn Faransé ń pè ní “Professeur” ní ojúkojú. “Docteur” ṣí sí òdì kejì. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gba oyè ìmọ̀ gíga jù lọ ní ẹ̀ka yòówù ń jẹ́ Ọ̀mọ̀wé, yóò sì bínú bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀. Ní Faransé ojoojúmọ́, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n pe ènìyàn ní “Docteur”, oníṣègùn ni. Dókítà tó wá jẹ́rìí nípa ọgbẹ́ nínú eré yín kì í ṣe Ọ̀mọ̀wé, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ rí” ni kí wọ́n wí fún un.

Ní ti “Monsieur” àti “Madame” fúnra wọn, ìwé atúmọ̀ yóò fún yín ní “Ọ̀gbẹ́ni” àti “Ìyáàfin”. Wọ́n dára níwájú orúkọ. Tí wọ́n bá dá dúró, wọ́n le: “Ọ̀gbẹ́ni, ẹ káàárọ̀” dà bí ohùn ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà, nígbà tí “Bonjour, Monsieur” kò ju ìkíni tútù lọ. “Ẹ káàárọ̀, sà” ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, tàbí “bàbá”, “màmá”, “bọ̀dá”, “àǹtí” bí ọjọ́ orí bá ṣe rí lórí bébà yín. “Mademoiselle” ń lọ sílẹ̀; ìjọba Faransé ti yọ ọ́ kúrò nínú fọ́ọ̀mù rẹ̀ láti 2012. Bí eré yín bá jẹ́ ti òde òní tí ẹnì kan sì ṣì sọ ọ́ sí lọ́yà obìnrin, ó lè jẹ́ pé ó ń bu lọ́yà náà kù ni, “Omidan” kò sì ní gbé ìyẹn jáde. Ẹ jẹ́ kí ó pè é ní “ọmọ yìí”.

Bí ẹ bá ti tún un kọ, ẹ má tíì fún àwọn ọmọ. Ẹ mú pẹ́ńsù, kí ẹ tẹ̀ lé ẹnì kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan sókè, kí ẹ wá ibi tí “ẹ” ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tí “rẹ” sì parí rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, mú ìwé rẹ wá” ni àṣìṣe tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń kó wá bá mi, nítorí Faransé lè fi “s’il vous plaît” kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ kí ó sì tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n tiwa ń béèrè “ẹ” lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan àti “yín” lẹ́yìn ohun ìní: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé yín wá.” Bí ẹ bá ṣe ti adájọ́ tán, ẹ ṣe ti lọ́yà, lẹ́yìn náà ti ìyá. Ti ọmọkùnrin náà ni kí ẹ fi sí ìkẹyìn, nítorí òun ló ń bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, òun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì yọ̀ jù.